Owó Náà Kò Pé: Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyẹ Ìdáhùn Wò Nínú Ìdánwò

Olóòtú ní kí n kọ nǹkan tí àwọn ọmọ tó ń múra fún ìdánwò sikọ́láṣíìpù lè lò, mo sì rò pé ìtàn ìbéèrè kan ṣoṣo á ṣe wọ́n ní àǹfààní ju ogún ìmọ̀ràn lọ. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, ọ̀kan nínú àwọn tí a máa ń kọ́ ní ìṣirò lọ́jọ́ Sátidé ní Wúsásà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ àwọn tó ṣe ìdánwò náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó sì mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ gbogbo ìṣirò náà sójú pátákó, bó ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́ àti bó ṣe ṣe é nígbà tó padà sí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rìn kọjá gbọ̀ngàn ìkàwé láti ìgbà tí ẹ ti dé yunifásítì yìí, Wúsásà kò jìnnà. Ẹ̀yìn odi Sàríà ni. Ní ọdún 1929 ni Dókítà Walter Miller àti àwọn onígbàgbọ́ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kó jáde nínú ìlú Sàríà wá tẹ̀ dó síbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ Bátólómíù Mímọ́ sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ibẹ̀ ni Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé dàgbà, níbẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé kó tó lọ sí Báréwà. Ìlú ilé ìwé ni láti ilẹ̀ wá, ìdí nìyí tí kì í fi yà wá lẹ́nu pé àwọn ọmọ ibẹ̀ máa ń jókòó dè wá lọ́jọ́ Sátidé kí àwa olùkọ́ tó dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí ọmọbìnrin yìí. Ìyá rẹ̀ ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà ní ọjà Sábọ́n Gàrí. Ó máa ń ra àpò, á sì wọ̀n ọ́n tà ní mudu mudu. Bàbá ti kú. Ọmọ náà ti gba ìwé pé kó wá sí yunifásítì, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ní kó san ju ohun tí igbá àgbàdo lè kó jọ lọ, àbúrò mẹ́ta sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí sikọ́láṣíìpù náà kò bá bọ́ sí i, ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé kó jẹ́ kí ọdún yìí kọjá, kó wá bá òun jókòó ní ìsọ̀ ná.

Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ìbéèrè 40 ni, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fún wọn. Ìdáhùn mẹ́rin ló wà lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, A, B, C àti D. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní pépà kan àti báírò láti fi ṣírò, àwọn olùṣọ́ ìdánwò á sì gbà á padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wa wà lórí ìbéèrè 27. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi í, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí: oníṣòwò kan ta àpò àgbàdo kan ní ₦46,000, ó sì jèrè 15% lórí iye tó rà á. Èló ló ra àpò náà? Àwọn ìdáhùn tó wà níbẹ̀ ni:

A. ₦31,000
B. ₦39,100
C. ₦40,000
D. ₦52,900

Ọmọ yìí mọ ìṣirò èrè dáadáa. A ti ṣe irú rẹ̀ bí ìgbà mẹ́jọ ní Wúsásà, kì í sì í gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀, 26, ti jẹ ẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ojú rẹ̀ sì ti wà lára aago tó ń sáré ní igun ojú kọ̀ǹpútà. Bó ṣe rí 46,000 àti 15% báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó ka ìbéèrè dé òpin. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 4,600, ìdajì ìyẹn jẹ́ 2,300, àpapọ̀ wọn jẹ́ 6,900. Ó yọ 6,900 kúrò nínú 46,000, ó ku 39,100. Ó wo àwọn ìdáhùn, ó rí 39,100 níbẹ̀, ó tẹ B, ó sì kọjá.

“Àǹtí,” ó wí fún mi, “bí mo ṣe rí i pé ó wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pátápátá.”

Níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ yẹn gan-an ni kí a ti dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí ohun tí a ṣírò bá ti wà lára mẹ́rin tí wọ́n tò sílẹ̀, a ti gbà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ìbéèrè kíkọ kì í kàn ṣa nọ́ńbà mẹ́ta jọ. Ó máa ń rò ó pé, “Ẹni tó bá ṣi ibí yìí, kí ni yóò gbà?” Ohun tí onítọ̀hún máa gbà yẹn ló máa kọ sílẹ̀. Ẹ tún wo àwọn mẹ́rin yẹn. ₦52,900 ni ẹni tó fi 15% kún 46,000 máa gbà, ìyẹn ẹni tó rò pé iye tí wọ́n tà á ni wọ́n ń béèrè. ₦31,000 ni ẹni tó yọ 15,000 kúrò máa gbà, ẹni tó ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún náírà ni. ₦39,100 ni ti ẹni tó ka èrè lórí owó tí wọ́n tà á dípò owó tí wọ́n rà á. Gbogbo àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ló ní ilé níbẹ̀. Nítorí náà, rírí tí o rí nọ́ńbà rẹ lójú kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan fún ọ. Ìgbà tí o kò bá rí i ló sọ nǹkan gidi fún ọ, torí nígbà náà o mọ̀ dájú pé ibì kan ti wọ́.

Ó parí gbogbo ìbéèrè nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ó ti kọ nọ́ńbà ìbéèrè mẹ́ta sí igun pépà rẹ̀, àwọn tó ń ṣiyèméjì lé lórí, 27 kò sì sí lára wọn. Kí ni ìbá gbé e débẹ̀? Ó dá a lójú! Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Àwọn ìbéèrè tí a máa ń sàmì sí láti padà sí ni àwọn tí a kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tí a kò mọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kò lè kọ́ wa. Ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án lè tún ṣe ni èyí tí a mọ̀ tí ọwọ́ sì ṣì. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í pariwo. Àárín àwọn ìdáhùn tó dá wa lójú ló máa ń jókòó sí.

A ti máa ń sọ èyí fún wọn ní Wúsásà, ó sì rántí. Ó pa àwọn mẹ́ta tó ń ṣiyèméjì yẹn tì ná, ó wá ka gbogbo ìbéèrè tó fi ìṣirò ṣe. Mọ́kànlá ni wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, nítorí àwọn tó ṣe kẹ́yìn ló fi ìkánjú ṣe jù.

Nígbà tó dé 27, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe. Ó tún ìṣirò náà ṣe. 4,600 àti 2,300 jẹ́ 6,900. 46,000 dín 6,900 jẹ́ 39,100. Ó pé pérépéré, ó sì fẹ́ kọjá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ síbí. Ìyọkúrò rẹ̀ tọ́, ìṣírò ìdá rẹ̀ tọ́, kò sí nọ́ńbà kan tó kọ tí kò tọ́. Bó bá tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀wàá ló máa gba 39,100. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tó gbé e sọnù padà, ibi tó ti sọnù náà ló máa tún bá ara rẹ̀. Àtúnṣe irú èyí máa ń mú àṣìṣe ìṣirò lásán, bíi kí èèyàn kọ 8 dípò 6, ṣùgbọ́n kò lè mú àṣìṣe tó wà nínú bí a ṣe ka ìbéèrè, torí pé ìwé kíkà ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà la ṣì ń lò.

Ohun tó dá a dúró ni pé ó rántí ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n tí ó máa ń sú wọn: “Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ṣé ìtàn náà á pé?” Ìyẹn ni pé kí o mú ìdáhùn rẹ, kí o gbé e sínú ìtàn tí wọ́n sọ, kí o wá rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin rẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀nà tí o gbà wá. Ìwọ ti ọ̀dọ̀ owó títà lọ sí owó rírà, ìtàn náà fúnra rẹ̀ sì ń ti owó rírà lọ sí owó títà.

Ó ní òun kàn fi ìyá òun sí ipò oníṣòwò náà. Màmá lọ ra àpò àgbàdo ní ₦39,100. Màmá fẹ́ jèrè 15%. Èló ni Màmá máa tà á? Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún 39,100 jẹ́ 3,910. Ìdajì ìyẹn jẹ́ 1,955. Èrè jẹ́ 5,865. Ó rò ó pọ̀ mọ́ owó tí Màmá rà á:

39,100 + 5,865 = 44,965

Ìbéèrè sì ní ₦46,000 ni wọ́n tà á. Owó náà kò pé. Ó dín ₦1,035.

Ó ní àyà òun já. Kò kọ́kọ́ rí ibi tó ti ṣì. Ohun tó mọ̀ kò ju pé owó kò pé lọ. Ó wá padà lọ ka ìbéèrè náà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i: “lórí iye tó rà á.” 15% owó tí wọ́n rà á ni èrè náà, òun sì ti ka 15% owó tí wọ́n tà á. Bí owó rírà bá jẹ́ 100, èrè jẹ́ 15, owó títà jẹ́ 115. Nítorí náà ₦46,000 ni 115 yẹn:

46,000 × 100 ÷ 115 = 40,000

Kò sì gba èyí náà gbọ́ lásán. Ó tún rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Màmá ra àpò ní ₦40,000, ìdá mẹ́wàá jẹ́ 4,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2,000, èrè jẹ́ 6,000, àpapọ̀ jẹ́ 46,000. Ó pé. C ni.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún ó lé díẹ̀. Ẹ ó rò pé kíá ló máa tẹ C. Kò tẹ̀ ẹ́. Ní ìpàdé àdúrà tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń lọ ṣe ìdánwò náà, bùrọ̀dá kan tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún ti sọ fún wọn pé ìdáhùn tó bá kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ti Ẹ̀mí, pé èyí tó bá tẹ̀lé e, ìyèméjì ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rù. Ó ní ṣe ló dà bíi pé òun fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí máòsì, ìṣẹ́jú kan gbáko kọjá lọ, kò tẹ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló tún wo pépà rẹ̀, ibi tó kọ 44,965 sí. Ó ní òun sọ fún ara òun pé Ẹ̀mí kì í ṣi ìṣirò. Ó tẹ C.

Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n má fi gbólóhùn dídùn dá ọ̀ràn náà. Mo mọ bùrọ̀dá tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn, èèyàn dáadáa ni, òun nìkan kọ́ ló sì ń sọ ọ́. Ní ilé ìwé, níbi lẹ́sìn, àní láàárín àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ẹ máa gbọ́ ọ: “Èyí tó kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn ni kí o dì mú.” Ó dára kí a béèrè bóyá òótọ́ ni, bí àwọn ará Béríà ti ṣe, tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ àpọ́sítélì pàápàá. Àwọn kan sì ti wádìí èyí fún wa.

Ní ọdún 2005, Justin Kruger, Derrick Wirtz àti Dale Miller tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 1,561 ní Yunifásítì Illinois jọ, irú èyí tí a máa ń fi pẹ́ńsùlù kun ihò kéékèèké. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pa ìdáhùn kan rẹ́ láti mú òmíràn, rọ́bà máa ń fi àpá sílẹ̀ lójú bébà. Àpá yẹn ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí ibi 3,291 tí èèyàn ti pààrọ̀ ìdáhùn, wọ́n sì wo ohun tó pa rẹ́ àti ohun tó fi rọ́pò rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún pípààrọ̀, 51 ló kúrò nínú àìtọ́ bọ́ sínú èyí tó tọ́. 25 ló kúrò nínú èyí tó tọ́ bọ́ sínú àìtọ́. Èyí tó ṣẹ́kù kúrò nínú àìtọ́ kan bọ́ sínú àìtọ́ mìíràn, kò jèrè, kò sì pàdánù. Ìyẹn ni pé àwọn tí pípààrọ̀ gbè fi ìlọ́po méjì ju àwọn tó pa lára lọ.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn fi gbà pé òdìkejì ni òótọ́? Àwọn olùwádìí náà wo ìyẹn pẹ̀lú, ohun tí wọ́n rí sì bá ọkàn mi mu torí mo mọ̀ ọ́n lára. Bí o bá pààrọ̀ ìdáhùn tó tọ́ sí àìtọ́, ó máa ń dun èèyàn dé egungun. “Mo ti mú un o! Ọwọ́ mi ti wà lórí rẹ̀!” O kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n bí o bá fi ìdáhùn àìtọ́ sílẹ̀ láìpààrọ̀ rẹ̀, ó kàn jẹ́ ìbéèrè kan tí o kò gbà, o ti gbàgbé kí o tó délé. Èyí tó sì gbè ọ́, o kò tilẹ̀ ní rò ó mọ́. Nítorí náà, bí ọdún ti ń yí lu ọdún, orí wa kó ẹ̀rí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo jọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwádìí yìí ṣe ohun tí kò sọ. Kò sọ pé kí o máa pààrọ̀ káàkiri. Àwọn tí wọ́n kà ni àwọn tó pinnu fúnra wọn láti pààrọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì ti rí ìdí kan. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Bí o bá wá ń pààrọ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń bà ọ́, tàbí nítorí pé o ti mú B lẹ́ẹ̀mẹ́rin léra wọn tí ó dà bíi pé ó ti pọ̀ jù, ìwádìí náà kò gbè ọ́.

Ọmọ yìí náà bá irú rẹ̀ pàdé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kan náà. Ìbéèrè 31 ni, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kọ sí igun pépà. Èèyàn mẹ́fà ro oko kan ní ọjọ́ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ bákan náà, ọjọ́ mélòó ni wọ́n máa lò? Ó ti mú 15. Nígbà tó padà débẹ̀ lẹ́yìn tí 27 ti dẹ́rù bà á, ó wò ó pé bóyá òun ti ṣì níbí náà, bóyá ó yẹ kí òun fi 4 sọ 10 di púpọ̀ kí òun sì fi 6 pín in, èyí tó máa fún un ní ọjọ́ mẹ́fà àti ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdáhùn yẹn náà wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é. Díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò rí ìdí kankan kọ sí pépà, yàtọ̀ sí pé ẹ̀rù ń bà á. Ó wá bi ìtàn náà léèrè: bí èèyàn bá dín kù, ṣé iṣẹ́ á yá ni tàbí á pẹ́? Á pẹ́. Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ju mẹ́wàá lọ. 15 nìkan ló ju mẹ́wàá lọ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí a bá fi méjèèjì wé ara wọn, ohun kan náà ló ṣe ní 27 tó pààrọ̀ àti ní 31 tí kò pààrọ̀. Ohun tó wà lójú pépà ló tẹ̀ lé. Òfin tí mo wá ń fún àwọn ọmọ Wúsásà báyìí ni pé kí wọ́n kọ ìdí sílẹ̀ kí wọ́n tó pààrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan péré, bíi 44,965 yẹn. Bí kò bá sí ohun tó ṣeé kọ, kí ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ó ní ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe o. Ká ní ọmọ náà kò mọ̀ rárá pé orí owó rírà ni wọ́n ń ka èrè irú èyí, tó rò tọkàntọkàn pé orí owó títà ni, nígbà tó máa fi gbé ìdáhùn rẹ̀ wò, orí owó títà náà ló máa kà á sí: 46,000 ni wọ́n tà á, èrè jẹ́ 6,900, owó rírà jẹ́ 39,100. Á pé fún un dáadáa. Yíyẹ̀ wò máa ń mú ẹni tó mọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì, kì í mú ẹni tí kò mọ̀. Ìyẹn, lójú tábìlì nílé la ti ń tún un ṣe, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Bákan náà, ìbéèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò ní ìtàn tí a lè gbé ìdáhùn rìn gbà. Ìdí nìyẹn tí kò fi ná àkókò rẹ̀ sórí wọn.

Ohun kékeré kan lórí ẹ̀rọ náà. Lójú kọ̀ǹpútà, bí o bá tẹ C lẹ́yìn B, B ti lọ nìyẹn, kò sí wàhálà. Nínú ìdánwò Jámbù tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀, lẹ́tà P lójú bọ́tìnì ló ń gbé èèyàn padà sẹ́yìn, N ló ń gbé e síwájú, S ló sì ń fi ìdánwò sílẹ̀, nítorí náà kí ọwọ́ jìnnà sí S títí yíyẹ̀ wò fi parí. Bó bá jẹ́ bébà oníhò ni, ó gbẹgẹ́ ju ìyẹn lọ. Kí o pa èyí àkọ́kọ́ rẹ́ títí kò fi ní dúdú mọ́, torí bí ẹ̀rọ bá rí ihò méjì tó dúdú lórí ìbéèrè kan, ó lè má fún ọ ní máàkì kankan. Mo sì ti rí ẹni tó fo ìbéèrè kan tí kò fo ihò rẹ̀, tí gbogbo ìdáhùn tó tẹ̀ lé e wá ṣí ní ẹsẹ̀ kan. Kí o máa wò ó ní gbogbo ìbéèrè mẹ́wàá bóyá nọ́ńbà ìbéèrè àti nọ́ńbà ihò ṣì bá ara wọn mu.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Orúkọ nìkan ni wọ́n tò jáde, wọn kò kọ iye tí ẹnikẹ́ni gbà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìbéèrè 27 ló gbé e wọlé, èmi náà kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn ṣì ń bọ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tó sọ ìtàn náà fún ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀, ìyá kò rí ohun tó le nínú rẹ̀. Ó ní, “Orí owó tí mo fi rà á kọ́ ni mo ń gbé èrè mi lé ni? Ta ló máa ń ka èrè orí owó tí kò tíì wọlé?” Ó sì yí padà sí oníbàárà rẹ̀, ó ń wọn ẹ̀wà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ máa wá sí kíláàsì Sátidé tó ń bọ̀, ẹ mú èyí dání. Ọkùnrin kan ta kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ ní ₦54,000, ó sì pàdánù 10% iye tó rà á. Èló ló rà á? A. ₦48,600. B. ₦59,400. C. ₦60,000. D. ₦64,000. Ẹ má kàn mú lẹ́tà kan wá fún mi. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ iye tí owó ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dín tàbí fi lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi irú èèyàn tó máa mú àwọn mẹ́ta tó kù àti ohun tó ṣì kà. Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nínú wọn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù.